Máàkì Márùn-ún Tó Jọra: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Nípa Ojúsàájú Nínú Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Bí wọ́n bá gbé ìwé máàkì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn olùwáṣẹ́ fún mi, àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí máàkì ṣe tò lórí ìlà ni mo máa ń wò. Bí oníbéèrè kan bá fún ẹnì kan ní 4, 4, 5, 4, 4, tó sì fún ẹlòmíràn ní 2, 2, 3, 2, 2, ara máa ń fu mí. Nǹkan márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé náà ní kó wọ̀n. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀dá mọ ètò iṣẹ́ ṣe, kó mọ ènìyàn kọ́, kó mọ àkọsílẹ̀, kó gbóyà níwájú ọ̀gá, kó sì mọ ìṣòro tú, kí gbogbo rẹ̀ wá rí bákan náà lára rẹ̀. Èyí tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo ni oníbéèrè náà wọ̀n, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1920, Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ àbájáde kan jáde nípa bí àwọn ọ̀gágun ṣe ń fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn ní máàkì. Wọ́n ní kí wọ́n wo ara ọmọ ogun, ọpọlọ rẹ̀, bó ṣe lè darí ènìyàn, àti ìwà rẹ̀, kí wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Máàkì tí wọ́n fún un kò yàtọ̀ síra tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ga, tó sì dúró dáadáa, wọ́n á tún kà á sí ọlọ́gbọ́n àti ẹni tó ṣeé gbọ́kàn lé. Thorndike fi orúkọ òbìrí ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ayàwòrán máa ń yà yí orí ẹni mímọ́ ká pe àṣìṣe yìí. Ohun rere kan ràn bí ìmọ́lẹ̀, ó sì bo ìyókù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun burúkú kan ṣe lè ṣú bo gbogbo ohun tó dára lára ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rò pé bí àwọn bá ti pe àwọn oníbéèrè jọ, tí wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe ojúsàájú, ó ti parí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí mi sì wà. Ní ọdún 1977, Richard Nisbett àti Timothy Wilson, tí àwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi fídíò olùkọ́ kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú fídíò kan, olùkọ́ náà yá mọ́ ènìyàn. Nínú èkejì, olùkọ́ kan náà le koko. Àwọn tó rí i nígbà tó yá mọ́ni sọ pé ìrísí rẹ̀ àti bó ṣe ń fọ èdè wu àwọn. Àwọn tó rí i nígbà tó le sọ pé ohun kan náà yìí ń bí àwọn nínú. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù ba oníbéèrè ni pé nígbà tí wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bóyá bí wọ́n ṣe fẹ́ràn olùkọ́ náà tó ló yí èrò wọn padà, wọ́n ní rárá. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun tẹ̀ síbì kan kò lè fi ìpinnu ọkàn nìkan gbé ara rẹ̀ nàró. Nítorí náà, ọ̀nà tí à ń gbà ṣe iṣẹ́ náà ni ká tún ṣe. Kí máàkì ti dúró lórí ìwé kí ojú rere tàbí ojú burúkú tó ráyè ràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń rò pé ohun tí ojú kọ́kọ́ rí kàn ń yí máàkì padà ni. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń yí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà fúnra rẹ̀ padà. Àyẹ̀wò kan tí àwọn olùwádìí mẹ́ta, Dougherty, Turban àti Callender, tẹ̀ jáde ní 1994 tẹ́tí sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tòótọ́ tí wọ́n gbà sórí téèpù. Bí èrò àkọ́kọ́ oníbéèrè bá dára, ó máa ń ṣọ̀yàyà sí ẹni náà, ó máa ń polówó ilé iṣẹ́ fún un, ó máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún un, kì í sì í béèrè tó bó ṣe yẹ. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí a fẹ́ràn sinmi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn ìbéèrè díẹ̀ tó rọrùn. Ẹni tí kò wù wá gba ìbéèrè líle lórí ìbéèrè líle, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó sì kọsẹ̀. Lẹ́yìn náà la wá ń sọ pé ojú wa kì í tan wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa la dá ẹ̀rí náà sílẹ̀.

Ohun tó ń dí ọ̀nà yìí ni kí ìbéèrè jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tó wá, kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bákan náà, kí àkókò ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Ìbéèrè márùn-ún tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ìbéèrè àfikún náà ní láti wà lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé: "Kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe?" "Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?" "Báwo lo ṣe mọ̀?" Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni kí gbogbo ènìyàn gbà, ìbáà ṣe ẹni tó wù wá tàbí ẹni tí kò wù wá. Ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kò burú, ó ń mú ara tu àlejò. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ní àyè kankan lórí ìwé máàkì. Èmi a tún máa fẹ́ kí ẹnì kan tí kì í ṣe oníbéèrè mú àlejò wọlé, kó sì bá a tàkúrọ̀sọ, kí àwọn tó fẹ́ fún un ní máàkì tó rí i rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan wò láti òkè délẹ̀. Ká ní alábòójútó sítóò là ń wá, ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta ló sì jókòó. Ohun márùn-ún la fẹ́ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni bó ṣe ń tú ìṣòro nígbà tí ọjà ilẹ̀ kò bá ìwé mu. Èkejì ni bó ṣe ń ṣètò ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀kẹta ni bó ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun. Ẹ̀kẹrin ni ohun tó máa ń ṣe bí ọ̀gá bá ní kó gbé ọjà jáde láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ̀karùn-ún ni àkọsílẹ̀, èyí tí a ó fi iṣẹ́ kékeré oníṣẹ́jú mẹ́wàá wò lórí ìwé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ báyìí: "Sọ ìgbà kan tí iye ọjà tó wà nílẹ̀ kò bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Kí lo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin?" Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, a ti gbọ́dọ̀ kọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ẹni tó gba 1 ni ẹni tó kàn yí nọ́ńbà inú ìwé padà kó lè bá ti ilẹ̀ mu, tàbí tó di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn láìwádìí. Ẹni tó gba 3 tún ọjà kà, ó fi tó ọ̀gá létí, ó tún ìwé ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó fà á. Ẹni tó gba 5 tún ọjà kà pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, ó tọ ipasẹ̀ ìwé ìgbàwọlé àti ìwé ìgbéjáde títí ó fi rí orísun rẹ̀, ó jíhìn, ó sì yí nǹkan kan padà kó má bàa tún ṣẹlẹ̀. 2 àti 4 wà fún ẹni tó bọ́ sáàárín. Àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ni òṣùwọ̀n wa. Bí òṣùwọ̀n bá sọ pé "ó dára gan-an", "ó dára", "ó dára díẹ̀", kò wọn nǹkan kan. Ìfẹ́ ọkàn oníbéèrè ló tún fi ń wọn ènìyàn.

Ẹni àkọ́kọ́ wọlé. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ já gaara, ó wo olúkúlùkù lójú. Ó dáhùn pé: "Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Mo ní ká tún ọjà kà, mo lọ bá ọ̀gá mi, a sì jọ tún ìwé náà ṣe. Láti ìgbà náà, ohun gbogbo ń lọ dáadáa." Ẹni kejì wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó ń nu òógùn ojú rẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ẹyọ 120 ló dín. Òun àti ọlọ́dẹ jọ tún ọjà kà. Òun wá kó ìwé ìgbàwọlé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jọ, òun sì rí i pé páálí oníṣòwò kan ń gba ẹyọ 12, ti èkejì ń gba 24, ṣùgbọ́n páálí mẹ́wàá oní-12 ni wọ́n ti kọ sínú ìwé bí ẹni pé 24 ló wà níbẹ̀. Òun jíhìn fún ọ̀gá, òun sì ní kí wọ́n fi àyè kan kún fọ́ọ̀mù, tí wọ́n á ti máa kọ iye tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan.

Bí oníbéèrè bá dúró di ìparí kó tó fún wọn ní máàkì, mo mọ ohun tó máa kọ. Ẹni àkọ́kọ́ á gba nǹkan bíi 5, 5, 4, 5, 5, ìyẹn 24 nínú 25. Ẹni kejì á gba 3, 3, 3, 2, 3, ìyẹn 14. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìdáhùn wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹni àkọ́kọ́ kò sọ ohun tó fa àìdọ́gba náà, kò sì sọ ohun tó yí padà, 3 ni. Gbólóhùn "ohun gbogbo ń lọ dáadáa" dùn létí ni, kò sí ẹ̀rí nínú rẹ̀. Ẹni kejì ṣe gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 5. Nígbà tí a bá fi òṣùwọ̀n wo ìyókù bẹ́ẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ lè ní 3, 4, 4, 2, 4, ìyẹn 17. 2 yẹn wá látinú pé ó ní òun á gbé ọjà fún ọ̀gá, òun á sì kọ ìwé tó bá yá. Ẹni kejì lè ní 5, 4, 3, 4, 3, ìyẹn 19.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni kejì gba 3 níbi kíkọ́ òṣìṣẹ́ tuntun. Àìlesọ̀rọ̀ketekete rẹ̀ ṣe pàtàkì níbẹ̀, ó sì jẹ́ kó pàdánù máàkì. Èmi ò sọ pé ká gbójú fo ọ̀rọ̀ sísọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká fún un ní àyè tirẹ̀, ká wọ̀n ọ́n níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká má jẹ́ kó tún lọ gba máàkì níbi ìṣirò àti òótọ́ inú. Ẹ tún wo bí ìlà àwọn méjèèjì ṣe wá ń lọ sókè sódò. Ènìyàn gidi rí bẹ́ẹ̀.

Àkókò tí a fi ń kọ máàkì ni mo kà sí pàtàkì jù. Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí àwọn oníbéèrè gba ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí wọ́n kọ máàkì ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó bi ìkejì. A lè sọ fún àlejò wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a ó máa dúró díẹ̀ láti kọ nǹkan sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń bínú sí i. Kí wọ́n fi bírò kọ ọ́, kí gbólóhùn ẹ̀rí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni gbólóhùn ẹ̀rí yìí. "Ó mọ ohun tó ń ṣe", "kò dá ara rẹ̀ lójú", "ó já fáfá": èrò oníbéèrè ni gbogbo wọn, kì í ṣe ohun tí olùwáṣẹ́ sọ. "Ó ní òun wo ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rí páálí 12 àti 24" ni ẹ̀rí. Bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ bá ka ohun tí a kọ tí kò sì lè fi òṣùwọ̀n dé máàkì kan náà, a kò tíì kọ ẹ̀rí.

Daniel Kahneman, tó padà di gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, lo ọgbọ́n yìí ní ọdún 1955, nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ísírẹ́lì, tí wọ́n ní kó ṣètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún àwọn tó ń wọṣẹ́ ológun. Ó yan ìwà mẹ́fà, ó ní kí wọ́n béèrè ohun tí ẹni náà ti ṣe gan-an, kí wọ́n sì fún ìwà kan ní máàkì kí wọ́n tó kọjá sí òmíràn. Àwọn oníbéèrè bínú, wọ́n ní ó fẹ́ sọ àwọn di ẹ̀rọ. Ó wá gbà fún wọn pé, nígbà tí wọ́n bá parí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí wọ́n di ojú wọn, kí wọ́n fojú inú wo ẹni náà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì fún un ní máàkì kan láti 1 sí 5. Máàkì ìgbẹ̀yìn yẹn náà wúlò, ó tó àròpọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ká pa èrò inú oníbéèrè tì pátápátá. Ẹ fún un ní àpótí kan nísàlẹ̀ ìwé, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ kẹ́yìn, ẹ má sì jẹ́ kó padà lọ tún tòkè kọ.

Èyí tó ṣòroó mú jù ni ìjọra, nítorí bí inú rere ló ṣe máa ń rí lára ẹni tó ń ṣe é. Ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́. Ẹni tó lọ sílé ìwé tí a lọ, tó ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, tó gba ọ̀nà tí a gbà wọ iṣẹ́, ìdáhùn rẹ̀ máa ń tètè yé wa. Àwa fúnra wa là ń bá a parí gbólóhùn tí kò parí. Bó bá ní "ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí", a ó mi orí, a ó sì fún un ní máàkì fún ohun tí a mọ̀, tí òun kò sọ. Ẹni tí kò jọ wá ní láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kúnná kó tó gba iye kan náà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí mo bá rí ara mi tí mò ń mi orí, mo mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n béèrè pé: "Jọ̀ọ́, sọ ọ́ bí ẹni pé n kò mọ̀ ọ́n."

Kí ìgbìmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí oníbéèrè kọ̀ọ̀kan wo orúkọ àti ìwé àwọn tó ń bọ̀, kó sì kọ ohun tó pa òun àti wọn pọ̀ sílẹ̀: ilé ìwé, ibi iṣẹ́ àtijọ́, ẹgbẹ́, ojúlùmọ̀. Bí ó bá mọ ẹni náà lójúkojú, kó yẹra, kó má fún ẹni yẹn ní máàkì. Bó bá jẹ́ ilé ìwé kan náà ni, kó sọ ọ́ sétí ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì ka gbólóhùn ẹ̀rí rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ kúrò lórí fọ́ọ̀mù: "ó máa bá wa mu". Ẹni tó bá kọ ọ́, ẹ bi í léèrè: kí ló ṣe tó fi hàn bẹ́ẹ̀? Bó bá dáhùn pé "ó gbà pé òun ṣàṣìṣe, ó sì sọ bí òun ṣe tún un ṣe", ìyẹn ṣeé wọ̀n, ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè fún gbogbo ènìyàn. Bó bá dáhùn pé "ó ṣáà rí bíi tiwa", ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá wá jókòó láti ṣe ìpinnu, iṣẹ́ ọjọ́ náà tún lè bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀gá bá ṣí ẹnu pé "ẹni àkọ́kọ́ yẹn ti wù mí o", máàkì ẹni mẹ́ta ti di ti ẹnì kan. Nítorí náà, kí wọ́n gba gbogbo ìwé máàkì kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Kí ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí wọ́n má sọ̀rọ̀ lórí ènìyàn kan láti òkè dé ilẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n wo ìdáhùn gbogbo olùwáṣẹ́ sí i, kí wọ́n tó bọ́ sí ìkejì. Báyìí, ìmọ́lẹ̀ ìbéèrè kan kò ní ráyè ràn dé òmíràn. Níbi tí máàkì oníbéèrè méjì bá ti fi 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra, kí olúkúlùkù ka gbólóhùn ẹ̀rí tó kọ. Ẹni tí ẹ̀rí tuntun bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè yí máàkì rẹ̀ padà, kó sì kọ ìdí. Ẹni tí kò ní ìdí ju pé òun nìkan ló dá yàtọ̀, kó fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Níkẹyìn, àárín máàkì mẹ́ta la ó mú.

Iṣẹ́ tí olùwáṣẹ́ ṣe lórí ìwé rọrùn jù láti dáàbò bò. Ẹ fi nọ́ńbà dípò orúkọ, kí ẹni tí kò sí nínú yàrá máàkì í. Bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ tó, ọ̀nà kan náà ṣeé lò fún ìbéèrè ẹnu: kí oníbéèrè kan máàkì ìbéèrè àkọ́kọ́ àti èkejì nìkan, kí òmíràn máàkì ìyókù.

Ó ní ibi tí agbára gbogbo èyí mọ. Ìlà 4, 4, 4, 4, 4 lè jẹ́ òótọ́. Ẹlòmíràn dára káàkiri. Ìlà kan kò lè fìdí òbìrí ìmọ́lẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n to ìwé oníbéèrè kan náà fún ènìyàn mẹ́wàá jọ. Bí ìlà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò lórí àwọn ènìyàn kan náà, oníbéèrè yẹn ló nílò ìrànlọ́wọ́. Ìbéèrè tí kò bá iṣẹ́ mu náà kò ní dára nítorí pé òṣùwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Paul Sackett, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún àwọn ìwádìí àtijọ́ ṣírò ní 2022, wọ́n sì rí i pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó létò ló síwájú nínú ọ̀nà tí a fi ń sọ tẹ́lẹ̀ bí ènìyàn á ṣe ṣiṣẹ́, síbẹ̀, 0.42 ni agbára rẹ̀, níbi tí 1 ti jẹ́ ìdánilójú pátápátá. Ìyàtọ̀ 19 àti 17 tí a rí lókè kéré nìyẹn. N kò ní gba ẹni kejì síṣẹ́ nítorí máàkì méjì yẹn nìkan. Màá pe àwọn méjèèjì padà, màá gbé sítóò kékeré kan kalẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ìwé tí àṣìṣe mẹ́ta wà nínú rẹ̀, màá fún wọn ní ìdajì wákàtí, màá sì kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé.